Ìdánwò Ìwé-Ṣíṣí: Bí A Ṣe Ń Yára Rí Abala Tí A Nílò, Dípò Ká Máa Da Odidi Ìpínrọ̀ Kọ

Abala 35, ẹsẹ 4 àti 5, nínú Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 súnmọ́ 200 ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń fi bírò kọ nǹkan bí 20 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan máa lo ìṣẹ́jú 10 gbáko kó tó dà á kọ tán. Bí ìdánwò bá jẹ́ wákàtí méjì fún ìbéèrè mẹ́rin, ìṣẹ́jú 30 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò náà ti lọ síbi ohun tí olùkọ́ ti ní lórí tábìlì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ò sì tíì dáhùn nǹkan kan.

Ohun tí olùkọ́ ń wá nínú ìdánwò tí wọ́n gbà kí a ṣí ìwé ni nǹkan mẹ́ta: ṣé ẹ mọ abala tó kan ọ̀rọ̀ náà, ṣé ẹ mọ ìlà tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀, ṣé ẹ lè gbé ìlà yẹn lé orí ìṣẹ̀lẹ̀ tó wà nínú ìbéèrè. Ẹni tó bá da gbogbo ìpínrọ̀ kọ kàn fi hàn pé òun rí ojú ìwé ni. Kò tíì fi hàn pé òun mọ èyí tó wúlò níbẹ̀.

Ìwé Òfin ọdún 1999 la máa fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, nítorí pé òun ni àwọn tó ń ka òfin ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìpẹru, àti àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìjọba, sábà máa ń bá pàdé. Bí olùkọ́ bá gbà kí ẹ mú un wọlé, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìdánwò.

Ẹ̀dà tí ẹ máa mú dání

Ẹ kọ́kọ́ ṣí abala 131. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ohun tó mú ènìyàn yẹ fún ipò Ààrẹ. Bí ẹ̀dà yín bá sọ pé ó gbọ́dọ̀ tó ọmọ 40 ọdún, ẹ̀dà àtijọ́ nìyẹn. Àtúnṣe ọdún 2018 ti sọ ọ́ di 35. Àtúnṣe kan náà sọ ọjọ́ orí ọmọ Ilé Aṣojú-ṣòfin (abala 65) àti ti ọmọ Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ (abala 106) di 25, láti orí 30 tó wà tẹ́lẹ̀. Ti Sẹ́nétọ̀ àti ti Gómìnà ò yí padà, 35 ló ṣì jẹ́.

Ìdí tí a fi ń yẹ abala yìí wò ni pé ó rọrùn láti rí, ó sì ń sọ fúnni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bóyá àtúnṣe ti wọ inú ìwé náà. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, páálí wọn sì ń dán bíi tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó yára rí abala nínú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ yára rí ìdáhùn tí kò tọ̀nà ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: ṣé wọ́n gbà ká fi pẹ́ńsùlù falà sínú ìwé? Ṣé wọ́n gbà ká lẹ bébà pélébé mọ́ etí rẹ̀? Ṣé wọ́n gbà ká mú ìwé atọ́ka tí a fọwọ́ ara wa kọ wọlé? Ìdáhùn wọn ló máa sọ irú ìmúrasílẹ̀ tí ẹ máa ṣe. Bí wọ́n bá ní ìwé gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, ẹ má fi ohunkóhun sínú rẹ̀, kódà orúkọ abala kan ṣoṣo. Olùṣọ́ ìdánwò lè gba ìwé náà lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì wá ṣe ìdánwò ìwé-ṣíṣí láìní ìwé.

Ẹ mọ ilé náà kí ẹ tó wá yàrá

Orí mẹ́jọ ni Ìwé Òfin ní, abala 320, àti Àfikún méje lẹ́yìn. Ẹ ò ní láti há 320 abala sórí. Ohun tí ẹ máa há ni ibi tí orí kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀: 1, 13, 25, 33, 47, 130, 230, 297. Nọ́ńbà mẹ́jọ péré.

Láti 1 dé 12 ni agbára Òfin fúnra rẹ̀, ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń tún Òfin ṣe. Láti 13 dé 24 ni ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ máa lépa. Láti 25 dé 32 ni ọ̀rọ̀ jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. Láti 33 dé 46 ni ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Àwọn ilé aṣòfin gba 47 dé 129, àwọn aláṣẹ gba 130 dé 229, ilé ẹjọ́ gba 230 dé 296. Èyí tó kù, láti 297 títí dé 320, jẹ́ ti Àbújá àti oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ìparí, títí kan abala 318 tó ń túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀.

Ìlànà kan wà nínú bí wọ́n ṣe tò ó tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í fura sí. Nínú Orí 5, 6 àti 7, ti ìjọba àpapọ̀ ló máa ń ṣáájú, ti ìpínlẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Ilé aṣòfin àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 47, ti ìpínlẹ̀ ní 90. Ààrẹ bẹ̀rẹ̀ ní 130, Gómìnà ní 176. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ bẹ̀rẹ̀ ní 230, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti ìpínlẹ̀ ní 270. Nítorí náà, bí ìbéèrè bá dá lórí Gómìnà ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ẹ sì ṣí ìwé tí ẹ rí “Ààrẹ” lójú ewé náà, ẹ má kà á. Ẹ ṣí síwájú. Bí abala kan bá kan Ààrẹ, irú rẹ̀ tó kan Gómìnà máa ń wà níwájú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó jọra gan-an: 131 fún ohun tó mú ènìyàn yẹ láti di Ààrẹ, 177 fún ti Gómìnà. Jíjọ tí wọ́n jọra yìí gan-an ló ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn kọ 131 síbi tó yẹ kí wọ́n kọ 177, kí wọ́n sì má mọ̀ pé àwọn ti ṣìnà.

Ẹ fi ọwọ́ kọ́ ìwé náà pẹ̀lú. Ẹ pa á dé, kí ẹnì kan sọ nọ́ńbà kan, bíi 176, kí ẹ fi àtàǹpàkò ṣí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wo bí ẹ ṣe jìnnà tó. Lẹ́yìn ogún ìgbà, ọwọ́ á ti mọ ibi tí ìdajì ìwé wà àti ibi tí Àfikún ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí ẹ máa mú wọlé ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ yín, nítorí pé bí ìwé ṣe nípọn sí yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé kan sí èkejì.

Bí wọ́n bá gbà yín láyè láti lẹ bébà mọ́ etí ìwé

Mẹ́jọ fún orí mẹ́jọ, ọ̀kan fún ibi tí Àfikún ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún abala 318. Ẹ lè fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un fún abala tí olùkọ́ yín fẹ́ràn. Kó má ju 15 lọ. Bí ó bá ti di 40, ojú ní láti ka gbogbo etí bébà náà kó tó rí ọ̀kan, ó sì ti di àtòjọ mìíràn tó tún ń gba àkókò. Àwọn ti orí mẹ́jọ ni kí ẹ tò sí etí ọ̀tún, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ọ̀kan má bo èkejì. Àwọn yòókù kó wà lókè. Nọ́ńbà abala ni kí ẹ kọ sí ara wọn, nítorí pé orúkọ gígùn ò ní hàn dáadáa.

Ìwé atọ́ka olójú kan

Àtòjọ abala wà níwájú Ìwé Òfin, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ amòfin ni wọ́n fi kọ ọ́, ìbéèrè ìdánwò sì máa ń wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Ìbéèrè ò ní sọ pé “òmìnira ara ẹni”. Ohun tó máa sọ ni pé “wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta”. Ìwé atọ́ka tó dára ló máa ń so méjèèjì pọ̀.

Ẹ kó ìbéèrè àtijọ́ tó tó 15 jọ. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fa ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ yọ, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà síwájú rẹ̀. Báyìí ló ṣe máa rí:

Ọlọ́pàá mú un, wọ́n tì í mọ́lé — 35
Wọ́n lù ú, wọ́n fìyà jẹ ẹ́ — 34
Wọn ò gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó dájọ́ — 36
Wọ́n tú ilé tàbí fóònù rẹ̀ wò — 37
Wọn ò jẹ́ kó ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ — 38
Wọ́n ti ilé ìwé ìròyìn pa — 39
Wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ tàbí ìpàdé — 40
Wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀yà, ìlú, tàbí ipò ìbí rẹ̀ — 42
Ìjọba gba ilẹ̀ rẹ̀ — 44
Ìjọba ní ààbò ìlú ló fà á — 45
Ibo ló máa gbẹ́jọ́ lọ? — 46

Bí wọn ò bá gbà kí ìwé atọ́ka wọ inú gbọ̀ngàn, ẹ ṣe é síbẹ̀, kí ẹ sì há a. Láti 33 dé 46 jẹ́ 14 péré, gbogbo wọn wà ní orí kan, ọjọ́ mẹ́ta tó láti mọ̀ wọ́n lórí.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò

Ẹ má ṣí ìwé kankan fún ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́ ìbéèrè náà. Ẹ ka ìbéèrè, kí ẹ falà sábẹ́ ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọn ò ṣe, kí ẹ kọ nọ́ńbà abala tí ẹ rò sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa ṣì í nígbà mìíràn, kò burú. Nọ́ńbà tí ẹ kọ máa ń jẹ́ kí ẹ ṣí ìwé pẹ̀lú ìbéèrè kan pàtó. Ẹni tí kò kọ nǹkan kan máa ń ṣí ìwé bí adìẹ tó ń tú ilẹ̀, á máa ka ohun gbogbo tó bá rí.

Fún ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń wá, ẹ fún ara yín ní ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ẹ ṣí orí tó yẹ, ẹ fi ojú wo àkọlé kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lókè abala, ẹ má ka ara abala náà títí ẹ ó fi rí àkọlé tó bá a mu. Bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ bá pé tí ẹ ò rí i, ẹ fi àyè ìlà mẹ́ta sílẹ̀ nínú ìwé ìdáhùn, kí ẹ sì lọ síbi tó kàn. Ẹ ó padà wá. Wíwá abala kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ nítorí ó ń dunni pé a mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ló ń jẹ ìbéèrè kẹrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ run.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan pọ̀

Ìbéèrè nìyí: *Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọlọ́pàá mú ìyá kan tó ń ta gààrí ní ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n ní àwọn fura sí i pé ó ra ẹrù olè. Ó béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun bá lọ́yà òun sọ̀rọ̀ kí òun tó dáhùn ìbéèrè, wọ́n kọ̀. Kò sẹ́ni tó fún un ní ìwé kankan tó sọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ mú un. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ gba ìyá náà nímọ̀ràn.*

Falà sábẹ́ ohun mẹ́rin: mímú lórí ìfura, lọ́yà tí wọn ò jẹ́ kó rí, ìwé tí wọn ò fún un, àti ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀. Ìkarùn-ún fara pa mọ́ sínú ọ̀rọ̀ “ẹ gbà á nímọ̀ràn”: kí ló lè rí gbà, ibo ló sì máa lọ?

Gbogbo rẹ̀ tọ́ka sí Orí 4, àtìmọ́lé sì ni 35. Ẹ ṣí i. Ẹsẹ méje ló ní. Ẹ má kà á láti òkè. Ẹ mú ohun tí ẹ falà sí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ojú wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá a mu.

Mímú lórí ìfura: ẹ wá “ìfura” nínú ẹsẹ 1, ẹ ó rí i ní lẹ́tà (c). Ó fún ọlọ́pàá láyè láti mú ènìyàn tí ìfura tó nídìí bá wà lórí rẹ̀. Nítorí náà mímú fúnra rẹ̀ lè bófin mu. Ẹ kọ ìyẹn, kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọlọ́pàá lẹ́bi. Lọ́yà: ẹsẹ 2, ẹni tí wọ́n mú lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí ó fi bá lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Ìwé: ẹsẹ 3, wákàtí 24, ní kíkọ sílẹ̀, ní èdè tó yé e. Ọjọ́ mẹ́ta: ẹsẹ 4 sọ pé “láàárín àkókò tó tọ́”, ẹsẹ 5 sì túmọ̀ rẹ̀: ọjọ́ kan, bí ilé ẹjọ́ tó lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín 40 kìlómítà, bí kò bá sí, ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó tọ́. Ohun tó máa rí gbà: ẹsẹ 6, owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba. Ibi tó máa lọ: abala 46, ẹsẹ 1, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní ìpínlẹ̀ tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Abala 36 ẹsẹ 6 náà sọ̀rọ̀ nípa sísọ ẹ̀sùn fún ènìyàn ní èdè tó yé e. Ó wà ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ó sì dùn ún kọ. Ṣùgbọ́n ti ẹni tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ni. Ìyá yìí ṣì wà ní àtìmọ́lé, wọn ò tíì fẹ̀sùn kàn án títí di Ọjọ́bọ̀. Ẹsẹ 3 abala 35 ló bá a mu. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ ka ọ̀rọ̀ mẹ́fà tàbí méje àkọ́kọ́ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó lò ó. Ibẹ̀ ni Òfin ti ń sọ ẹni tó ń bá wí: “ẹni tí wọ́n mú tàbí tì mọ́lé” kì í ṣe “ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn”.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ wo ẹsẹ tó kẹ́yìn abala náà. Ẹsẹ 7 yọ ẹni tí wọ́n fura sí pé ó dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ikú jẹ́ ìjìyà rẹ̀ kúrò nínú ẹsẹ 4. Ríra ẹrù olè kì í ṣe irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìyá náà ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ 4. Gbólóhùn kan péré lẹ máa fi kọ èyí, ó sì máa ń fa máàkì, torí pé àwọn tó ń da ẹsẹ 4 kọ kì í dé ẹsẹ 7.

Gbogbo ìwárí yìí ò yẹ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Mẹ́rin fún kíkà, mẹ́fà fún wíwá, 17 fún kíkọ, mẹ́ta fún yíyẹ nọ́ńbà wò: 30 ti pé.

Bí ìdáhùn ṣe máa rí lórí ìwé

Lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ẹni tó da ìwé kọ máa bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Abala 35 ẹsẹ 4 sọ pé: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú tàbí tì mọ́lé...”, á sì máa bá a lọ dé oṣù méjì àti oṣù mẹ́ta tí ẹsẹ náà dárúkọ. Oṣù méjì àti mẹ́ta yẹn jẹ́ ti ẹni tí wọn ò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀. Wọn ò kan ìyá yìí rárá. Olùkọ́ tó bá kà á dé ibẹ̀ ti mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ ò mọ ìlà tó wúlò.

Ẹni tó lo ìwé dáadáa máa kọ nǹkan bí èyí:

“Ẹsẹ 4 abala 35 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú lórí ìfura lọ sílé ẹjọ́ ‘láàárín àkókò tó tọ́’. Níbi tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan ni, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ 5(a). Ilé ẹjọ́ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde fúnra rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n mú un, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé e lọ: ó ti lé ọjọ́ méjì sí àkókò tí Òfin fún wọn. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àtìmọ́lé náà ò ti bófin mu mọ́.”

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló fi àmì àyọlò sí, ìyókù jẹ́ ti ara rẹ̀. Ẹ kíyè sí bí ìlú, ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹsẹ ṣe wà pọ̀ nínú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo. Ìlànà tó rọrùn ni pé kí ẹ má fa ọ̀rọ̀ tó ju mẹ́wàá lọ yọ láti inú ìwé lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé ibi tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ gan-an bá ti fẹ́ fa àríyànjiyàn nìkan ni kí ẹ ti fà á yọ. “Àkókò tó tọ́” yẹ ní fífà yọ, nítorí pé ẹsẹ 5 ló ń túmọ̀ rẹ̀. “Wákàtí 24” kò nílò àmì àyọlò kankan.

Ibi mẹ́ta tí ìwé ti ń tan ènìyàn

Àkọ́kọ́ ni Orí 2. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìbéèrè rẹ̀ dá lórí ọmọ tí wọn ò jẹ́ kó lọ sílé ẹ̀kọ́ máa rí abala 18, inú rẹ̀ á dùn, á sì kọ pé kí ọmọ náà gbẹ́jọ́ lọ sílé ẹjọ́. Abala 6, ẹsẹ 6, lẹ́tà (c) ti sọ pé ilé ẹjọ́ ò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ lórí bóyá ìjọba tẹ̀ lé Orí 2 tàbí kò tẹ̀ lé e, àyàfi bí Òfin yìí bá sọ bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Nítorí náà, nígbàkígbà tí nọ́ńbà tí ẹ rí bá wà láàárín 13 àti 24, ẹ padà sí abala 6 kí ẹ tó kọ ìdáhùn. Ẹ kọ “6(6)(c)” sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà Orí 2 nínú ìwé atọ́ka yín.

Èkejì ni abala tó ń ti ènìyàn lọ sí Àfikún. Ká ní wọ́n béèrè ta ló ni iṣẹ́ àbójútó ọjà àti gáréèjì ní Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó. Abala 7 lẹ máa kọ́kọ́ rí, òun ló dá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 5 rẹ̀ ní iṣẹ́ wọn wà nínú Àfikún Kẹrin, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti dárúkọ ọjà, gáréèjì àti ilé ìpẹran. Orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fúnra wọn wà ní Àfikún Kìíní, níbi tí ẹ ti máa rí Ìjẹ̀bú-Òde, Òdógbólú, Ìkẹ́nnẹ́, Rẹ́mọ Àríwá àti ìyókù wọn lábẹ́ Ògùn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ṣọ́ ni “Àfikún” nínú ara abala: bí ojú yín bá ti bá a pàdé, ìdáhùn ò tíì pé.

Ẹ̀kẹta ni abala 45. Ó gba ìjọba láyè láti dín 37, 38, 39, 40 àti 41 kù nípasẹ̀ òfin tó bá tọ́ láwùjọ olóṣèlú tiwantiwa, nítorí ààbò ìlú, ìlera gbogbo ènìyàn àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. 35 ò sí nínú àtòjọ nọ́ńbà márùn-ún yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ pé ẹsẹ 1 abala 45 ló jẹ́ kí wọ́n ti ìyá alágààrí mọ́lé ti ka àkọlé, kò ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí ìdánwò bá jẹ́ ti orí kọ̀ǹpútà

Níbi tí wọ́n bá gbà kí ẹ lo fáìlì, `Ctrl+F` ló ń wá ọ̀rọ̀. Ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀, nítorí pé “ilé ẹjọ́” nìkan máa mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdáhùn wá. Ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n ni kí ẹ wá: nínú abala 35, “kìlómítà” ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nínú fáìlì, máa gbé yín débẹ̀ ju “mú” tàbí “tì mọ́lé” lọ. Ẹ dán fáìlì náà wò nílé. Bí ó bá jẹ́ àwòrán ojú ìwé ni wọ́n yà, ìwárí ò ní rí nǹkan kan, kódà bí ọ̀rọ̀ náà bá wà níwájú yín.

Ìdánrawò ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú

Ẹ mú ìbéèrè mẹ́wàá, ẹ má dáhùn wọn. Ẹ kàn wá nọ́ńbà abala àti ẹsẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago. Ẹ kọ ìṣẹ́jú àáyá tó gbà sí ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá ju 90 lọ, ẹ wo ìdí rẹ̀: ṣé orí lẹ ṣì mú, ṣé ti àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ló dàrú, àbí ẹ dé abala náà ṣùgbọ́n ẹ kà á láti òkè? Bí ó bá jẹ́ orí lẹ ṣì mú, ẹ padà sí nọ́ńbà mẹ́jọ yẹn. Bí ó bá jẹ́ àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀, ẹ ṣe ìdánrawò Orí 5 sí 7 nìkan lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ kíkà láti òkè, ẹ fi bébà funfun bo ara abala náà, kí ó ku kìkì ọ̀rọ̀ méje àkọ́kọ́ ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yan ẹsẹ tó tọ́ láti ara ìyẹn nìkan.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má ka abala tuntun. Ẹ ṣí 35, 46, 6 àti Àfikún Kẹrin lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ rí i dájú pé kò sí bébà tó ń já kúrò létí ìwé, kí ẹ sì kó aago ọwọ́ sínú àpò, nítorí pé wọn ò ní jẹ́ kí ẹ mú fóònù wọlé láti wo agogo.